Ìràwọ̀ Pupa Tó Ṣókùnkùn: Ṣé Ó Tutù Ni, àbí Eruku Ló Bò Ó?

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ọ̀rẹ́ mi kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Fídíò náà ní ìràwọ̀ kan ti fẹ́ bú gbàmù, pé ojú ọ̀run máa mọ́lẹ̀ lóru bí ẹni pé òṣùpá méjì ló yọ. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju "Ṣé òótọ́ ni?" lọ.

Mo bọ́ síta. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ n'Íbàdàn nígbà yẹn, àmọ́ ojú ọ̀run mọ́ díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní bẹ́líìtì Òríónì. Ìràwọ̀ pupa kan wà ní apá àríwá wọn, òun ni áàpù orí fóònù mi kọ Betelgeuse sí lára. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bẹ́tẹ́júùsì. Ìràwọ̀ funfun kan tún wà ní apá gúúsù bẹ́líìtì yẹn, Ráíjẹ̀ẹ̀lì lorúkọ tiẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń wo ojú ọ̀run, àwọn méjèèjì yìí jọ máa ń figa gbága ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Bẹ́tẹ́júùsì ò tó nǹkan kan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì rẹ̀. Mi ò ní purọ́, ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Ẹ wò ó, ohun mẹ́ta ló lè mú kí iná kan dín kù lójú ẹni tó ń wò ó látòkèèrè. Ó lè jẹ́ pé iná náà ti ń tutù. Ó lè jẹ́ pé ó ti kéré sí i. Ó sì lè jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe é rárá, nǹkan kan ló dúró sáàárín òun àti ẹni tó ń wò ó. Bẹ́tẹ́júùsì jẹ́ ìràwọ̀ gbàǹgbà tó ti darúgbó, tó sì máa bú lọ́jọ́ kan, nítorí náà ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọ̀nà tó dára jù láti dáhùn rẹ̀ ni kéèyàn mọ bí ìràwọ̀ náà ṣe gbóná tó. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi ohun ìwọ̀n-ìgbóná kan ohun tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

Alágbẹ̀dẹ mọ ìdáhùn rẹ̀ tipẹ́. Bó bá ki irin bọ iná, tí ẹwìrì sì ń fẹ́, irin náà á kọ́kọ́ dúdú bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á wá dà bí ọsàn tó pọ́n, á di àwọ̀ ìyeyè, bí iná náà bá sì le gan-an á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Alágbẹ̀dẹ ò fọwọ́ kàn án. Ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó fi ẹ̀mú gbé e jáde. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé bó jẹ́ irin ni o, bó jẹ́ amọ̀ ni o, bó jẹ́ èédú ni o, bí gbogbo wọn bá gbóná dé ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Ọ̀rọ̀ yìí dára dáadáa fún ohun tó bá ń gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára mì, tí kò dá ìkankan padà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fíṣíìsì ń pè ní ohun dúdú. Kò sí ìmọ́lẹ̀ ẹlòmíì tó ń ta yọ lára rẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí tó ń jáde níbẹ̀, tiẹ̀ ni, ìgbóná rẹ̀ nìkan ló sì ń pinnu bó ṣe máa rí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Oòrùn gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun dúdú, torí tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kò ní dá ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì yẹn padà fún yín. Àwọn ìràwọ̀ yòókù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ "fẹ́rẹ̀ẹ́", nítorí "fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Ní 1893, Wilhelm Wien, ará Jámánì, sọ ohun tí alágbẹ̀dẹ ń fojú rí di ìṣirò. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní gígùn ìgbì tiẹ̀. Nanomítà la fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn mítà kan tá a pín sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Èyí tó pọ́n lójú wa sún mọ́ 700, aláwọ̀ aró sún mọ́ 450. Ohun tó gbóná kì í tan ìgbì kan ṣoṣo jáde, oríṣiríṣi ló ń tan. Bẹ́ẹ bá ya iye tó ń jáde nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, á yọrí bí òkè kan. Wien ní bí nǹkan bá ṣe ń gbóná sí i ni orí òkè náà á máa sún sí apá ìgbì kúkúrú, bó sì ṣe ń sún náà bá ìṣirò yìí mu:

```
T = 2898000 / λ
```

T ni ìwọ̀n ìgbóná ní Kẹ́lífìn, ìyẹn Sẹ́lísíọ́ọ̀sì tá a fi 273 kún. λ ni gígùn ìgbì tí orí òkè náà wà, ní nanomítà. Ẹ jẹ́ ká fi ara wa dán an wò. Ara èèyàn jẹ́ bí 310 Kẹ́lífìn, nítorí náà orí òkè tiwa á wà ní nǹkan bí 9,350 nanomítà. Ojú ò lè rí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè rí i. Ṣẹ́ ẹ rántí "ìbọn" tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu géètì báǹkì nígbà Kòrónà? Kò yin nǹkan kan sínú orí yín láti wọn ìgbóná yín, ohun tó ń jáde lára yín ló ń gbà. Ọ̀nà kan náà la fi ń wọn ìràwọ̀.

Bẹ́tẹ́júùsì máa ń wà ní nǹkan bí 3,600 Kẹ́lífìn. Ẹ fi pín 2898000, ẹ máa rí 805. Ìyẹn ni pé orí òkè rẹ̀ ti kọjá ibi tí ojú wa lè dé, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà nìkan la ń rí, apá tó sì pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ pupa. Ráíjẹ̀ẹ̀lì tó tó bí 12,000 ní orí òkè tiẹ̀ ní 240 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ní ìhà kejì ibi tí ojú wa mọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi pọ́n tí ìkejì sì funfun. Ẹ fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yẹn sọ́kàn o, ibẹ̀ ni mo ti ṣubú.

Wien sọ àwọ̀ fún wa. Èkejì rẹ̀, Josef Stefan, tó jẹ́ olùkọ́ ní Vienna, sọ iye. Ó ti ṣe tiẹ̀ ṣáájú, ní 1879. Ó wo ìdánwò kan tí wọ́n ti fi wáyà pìlátínọ́ọ̀mù ṣe. Nígbà tí wáyà náà ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ní bí 525 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó ń tan iye kan jáde. Nígbà tó dé bí 1,200 tó ti ń funfun, ohun tó ń tan jáde ti fi nǹkan bí ìlọ́po 11.7 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tí Stefan rí níbẹ̀. Ní Kẹ́lífìn, 798 àti 1,473 ni ìgbóná méjèèjì. Bẹ́ẹ bá fi ọ̀kan pín ìkejì, ẹ máa rí 1.85, kò tilẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá to èyí lẹ́ẹ̀mẹrin, tẹ́ ẹ sì sọ wọ́n di púpọ̀, 1.85 × 1.85 × 1.85 × 1.85, ẹ máa rí 11.7. Bí òfin Stefan ṣe jáde nìyẹn:

```
F = 0.0000000567 × T × T × T × T
```

F ni wáàtì tó ń jáde ní ojú ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró. Bí ìgbóná bá di ìlọ́po méjì, ohun tó ń jáde á di ìlọ́po 16. Ludwig Boltzmann, tó ti jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Stefan, ló wá fi ìmọ̀ nípa ooru ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1884.

Kí n tó padà sọ́dọ̀ Bẹ́tẹ́júùsì, mo fẹ́ ká fi òfin yìí wọn Oòrùn wa, torí òun la lè yẹ̀ wò dáadáa. Lókè afẹ́fẹ́ ayé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń bọ́ sójú ibi mítà kan níbùú lóòró jẹ́ 1,361 wáàtì. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti fẹ́ kálẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí náà a ní láti ká a padà. Àárín gbùngbùn Oòrùn sí ọ̀dọ̀ wa fi ìlọ́po 215 jìn ju àárín rẹ̀ sí ojú ara rẹ̀ lọ. 215 × 215 jẹ́ 46,225. Bẹ́ẹ bá fi èyí sọ 1,361 di púpọ̀, ẹ máa rí bíi mílíọ̀nù 62.9 wáàtì. Ohun tó ń jáde ní ojú Oòrùn nìyẹn, ní mítà kan níbùú lóòró péré! Iléeṣẹ́ mànàmáná Ẹgbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n kọ́ láti lè mú megawáàtì 1,320 jáde, ẹ lè rí ìwọ̀n rẹ̀ lójú Oòrùn ní ibi tí kò ju mítà 3 níbùú, mítà 7 lóòró. Kò ju pálọ̀ kékeré kan lọ.

Ó ku ká wá T. Ẹ fi 0.0000000567 pín mílíọ̀nù 62.9, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì √ lórí kakulétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa rí nǹkan bí 5,770 Kẹ́lífìn. Ẹ kíyè sí i pé bí Oòrùn ṣe jìn tó ní kìlómítà ò bọ́ sínú ìṣirò náà rárá, bó ṣe fẹ̀ tó lójú wa nìkan la lò. Stefan fúnra rẹ̀ lo òfin yìí fún Oòrùn ní 1879, ó sì rí bí 5,430 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìyẹn nǹkan bí 5,700 Kẹ́lífìn. Pẹ̀lú ohun èlò ayé ìgbà yẹn! Mo ṣì máa ń mirí bí mo bá rántí.

Tẹ́ ẹ bá lo Wien fún Oòrùn kan náà, ẹ̀yin lẹ máa yan wàhálà yín. Orí òkè Oòrùn ò ṣe ṣóńṣó, torí àwọn gáàsì tó wà lókè ojú rẹ̀ ń bu ìmọ́lẹ̀ jẹ níbí lọ́hùn-ún. Ó rí wúruwùru láàárín nǹkan bí 450 sí 500 nanomítà. Ẹni tó bá mú 500 á rí 5,796, ó dára. Ẹni tó bá mú 450 á rí 6,440. "Fẹ́rẹ̀ẹ́" tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ó yá, ká padà sójú ọ̀run Ìbàdàn. Ní àárín oṣù kejì ọdún 2020, ìmọ́lẹ̀ Bẹ́tẹ́júùsì tí ojú ń rí ti já wálẹ̀ dé bí ìdá 36 nínú 100 ti tẹ́lẹ̀. Mo mú Stefan, mo sáré ṣírò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá di 0.36, ìgbóná á di 0.36 tá a tẹ √ fún lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn 0.775. Wọ́n ti wọn ìràwọ̀ náà ní 3,650 Kẹ́lífìn ní 2004, nítorí náà yóò ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 2,830. Mo gbé e jù sínú gúrúùpù wa lórí Wáásáàpù pẹ̀lú àmì ìyanu mẹ́ta: ìràwọ̀ yìí ti pàdánù ju 800 Kẹ́lífìn lọ!!!

Kò pé wákàtí kan tí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ni ní fíṣíìsì fi pè mí.

"Àbúrò, ìmọ́lẹ̀ wo lo ṣírò?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ni."

"Gbogbo rẹ̀, àbí èyí tójú rẹ rí?"

Mo dákẹ́. Wọ́n ní Stefan ń ka gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó jáde, èyí tí ojú rí àti èyí tí ojú ò rí. Èmi wá mú èyí tójú rí nìkan fún un. "Ibo lorí òkè Bẹ́tẹ́júùsì wà? Ṣebí ìwọ lo máa ń pariwo Wien." Òótọ́ ni. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà la ń rí. Bí ìràwọ̀ náà bá tutù díẹ̀, òkè náà á rẹlẹ̀, orí rẹ̀ á sì tún sún jìnnà sí wa, ìyà méjì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí á yára dín kù ju gbogbo ìmọ́lẹ̀ náà lápapọ̀ lọ. Mo tún un ṣírò níbi ìgbì 550 nanomítà, tó wà láàárín ibi tójú wa ń rí. Kí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tó di ìdá 36, kí ìràwọ̀ náà wálẹ̀ dé bí 3,200 ti tó. Mo lọ tún ọ̀rọ̀ mi sọ nínú gúrúùpù. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Ìbéèrè wá ṣe kedere. Bó bá jẹ́ òtútù nìkan ló fà á, ẹni tó bá wọn Bẹ́tẹ́júùsì gbọ́dọ̀ bá a ní bí 3,200. Bó bá ṣì wà nítòsí 3,650, a jẹ́ pé nǹkan kan ló bò ó.

Emily Levesque àti Philip Massey wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n fi awò-awọ̀nàjíjìn ńlá kan ní Arisónà tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà sí àwọ̀ bí òṣùmàrè. Wọn ò gbára lé ibi tí orí òkè wà, wọ́n sì jàre. Eruku tó bá kúná máa ń gbé ìgbì kúkúrú mì ju ìgbì gígùn lọ, á sọ ìràwọ̀ di pupa ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá wá fi Wien wọ̀n ọ́n á rò pé ó tutù. Ohun tí wọ́n wò ni àwọn ibi tó ṣókùnkùn láàárín òṣùmàrè náà, èyí tí TiO ń fà. Títéníọ́ọ̀mù àti ọ́síjìn tó so pọ̀ ni TiO. Ooru tó bá pọ̀ jù á tú wọn ká, nítorí náà bí ìràwọ̀ bá ṣe tutù sí i ni TiO á ṣe pọ̀ sí i, tí ibi tó ṣókùnkùn náà á sì jìn sí i. Eruku tó wà lọ́nà ò lè gbẹ́ irú kòtò yẹn, nítorí náà ó ṣòro kó tan ìwọ̀n yìí jẹ.

Wọ́n rí 3,600 Kẹ́lífìn. 50 péré ló fi wálẹ̀ láti 2004. Mo fi ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé 50 Kẹ́lífìn á mú ìdá 10 nínú 100 kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ tójú ń rí. Ìdá 64 ló lọ. Ìyókù ńkọ́? Wọ́n ní eruku ni, eruku tó hóró ju èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀ lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ eruku tó hóró? Ẹ wo oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ọyẹ́ bá le. Ó máa ń ràn bàìbàì, á funfun bí òṣùpá, kì í pọ́n. Hóró eruku ọyẹ́ tóbi ju ìgbì ìmọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ó ń dí pupa lọ́nà bó ṣe ń dí aláwọ̀ aró lọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ á dín kù, àwọ̀ ò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé Oòrùn ti tutù nítorí ọyẹ́. Bẹ́tẹ́júùsì náà dín kù láìjẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà bó ṣe yẹ fún ohun tó tutù gan-an, mo sì dúró nínú ọyẹ́ Ìbàdàn tí mò ń wò ó láìronú kan eruku rárá.

Ọ̀rọ̀ náà ò parí síbẹ̀. Ní 2021, Miguel Montargès àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àwòrán jáde tí wọ́n fi awò-awọ̀nàjíjìn ńlá kan ní Ṣílè yà. Apá gúúsù Bẹ́tẹ́júùsì ló ṣókùnkùn jù, kì í ṣe gbogbo ojú rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé ìràwọ̀ náà ti pọ gáàsì jáde ṣáájú. Lẹ́yìn náà apá kan ojú rẹ̀ tutù, gáàsì tó wà lókè ibẹ̀ sì dì, ó di eruku. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ará Jàpáànù wá ṣe ohun kan tó dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tí Bẹ́tẹ́júùsì ń ṣókùnkùn, sátẹ́láìtì tó ń wo ojú ọjọ́, Himawari-8, máa ń ya gbogbo ojú ayé tó kọjú sí i láwòrán, Bẹ́tẹ́júùsì sì máa ń bọ́ sí etí àwòrán náà nígbà míì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Wọ́n kó àwọn àwòrán yẹn jọ, wọ́n sì rí i pé ìràwọ̀ náà tutù ní bí 140 Kẹ́lífìn, pé òtútù àti eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ pín ẹ̀bi náà dọ́gba.

50 àbí 140? Èmi ò rò pé ó yẹ ká dárò lórí ìyẹn. Stefan àti Wien ń bá ohun tó ní ìgbóná kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ojú Bẹ́tẹ́júùsì ń hó bí ìkòkò àmàlà, ibì kan gbóná, ibì kan tutù, nítorí náà iye kan ṣoṣo tá a bá fún un, àròpín ni, ọ̀nà tí kálukú sì gbà wọ̀n ọ́n máa ń fa àròpín náà síbí tàbí sọ́hùn-ún. Ohun tí àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé ni pé kò sún mọ́ 3,200, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ 2,830 tèmi.

Oṣù karùn-ún ò tíì dé tí Bẹ́tẹ́júùsì ti mọ́lẹ̀ padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wá dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn lórí fídíò rẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó fi ránṣẹ́: "Kò bú o. Ó wúkọ́ ni, eruku ikọ́ rẹ̀ ló bò ó lójú." Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn, ó wá bi mí nípa 800 Kẹ́lífìn.